Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Mo Pa Rẹ́

Ìgbátí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó mọ ẹni tó gbá mi. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Fìdítì, lọ́sàn-án gangan. Kí n tó yíjú, ọkùnrin kan ti fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Ta ló ní kó o yí ojú ọmọ mi padà?"

Ó gbé férémù kan sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Gíláàsì fọ́n káàkiri. Mo mọ fọ́tò inú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn, ló mú ọmọ náà wá, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà tí omi gbígbóná ti bó lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà kan.

"Ẹ bá wa pa àpá yẹn rẹ́," obìnrin náà wí.

Mi ò bi í bóyá òbí ọmọ mọ̀ sí i. Mo mú pẹ́ńsùlù ẹnu ṣóńṣó, mo fi ń kun ojú àpá lórí nẹ́gátíìfù, fíìmù tí a fi ń tẹ fọ́tò, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo tẹ fọ́tò jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń dán. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ọwọ́ ara mi.

"Ọmọ mi rí i lára ògiri," bàbá náà wí. "Ó ní ọmọ inú fọ́tò ló dáa. Ó wọ balùwẹ̀, ó fi kànìnkànìn àti yanrìn ha ojú ara rẹ̀ títí ẹran fi yọ!"

Ó tún gbá mi. Ó fẹsẹ̀ ta ẹsẹ̀ kámẹ́rà, kámẹ́rà ṣubú. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló sáré wọlé gbà mí sílẹ̀. Eyín mi kan ti ń mì.

"Àbúrò yín ló ní kí n ṣe é."

"Ṣé òun ló bí i? Èmi ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo wá nẹ́gátíìfù náà, mo fi òwú bọ tapẹntáìnì, mo nu pẹ́ńsùlù kúrò lójú rẹ̀. Àpá náà yọ padà. Mo tẹ fọ́tò mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sílé wọn n'Ílọrà. Báńdéèjì bo ìdajì ojú ọmọ náà. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, ó wá da ojú fọ́tò náà dé sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Láti ìgbà náà, mo lè nu eruku kúrò lójú fọ́tò ọmọ láì bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tó bá kan àpá, ilà tàbí àwọ̀ ara, bàbá tàbí ìyá ọmọ ni mo ń bi. Mo máa ń fi ìka mi hàn wọ́n níbi tí mo fẹ́ tún ṣe. Tí wọ́n bá dákẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò rí báńdéèjì yẹn.