Ara Tó Ń Yún Mi Tí Ohunkóhun Kò Sú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì dúdú, omi sì ń kán láti orí páànù sínú àgbàlá ilé tí a háyà yàrá sí ní Ìkọ̀tún. Mo bá bọ́kẹ́ẹ̀tì mi níta. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí i ká. Ìyá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń lò, àwọn ayálégbé yòókù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá akẹ́kọ̀ọ́." Orúkọ tó fi ń fi mí ṣe ẹ̀sín nìyẹn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. "O ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan balùwẹ̀ yìí mọ́. Tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí tí o ṣì ń họra, kó ẹrù rẹ. Mi ò gba elékùúrú sílé."

"Mà, ẹ wo ara mi. Kò sí nǹkan kan tó sú. Ìyàwó mi tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan kò họra."

Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ní, "Ó ń bọ̀ wá kàn án." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ẹnu ń yún ni kó tètè lọ rí dókítà."

Ó ti tó oṣù méjì tí ara ti ń yún mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí n fi ìpara imí-ọjọ́ para. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní kíláàsì, ẹni tó ń jókòó tì mí gbé àga rẹ̀ lọ sí ìdí fèrèsé nítorí òórùn ìpara náà. Ara mi gbẹ, yíyún náà sì le sí i. Nígbà náà ni mo ra ìwé kékeré kan, tí mo ń kọ wákàtí tó yún mi, ibi tó yún mi àti ohun tí mo jẹ sí i.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan wo àárín ìka mi, ọrùn ọwọ́ mi àti ìbàdí mi. Ó ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi kí n sì kọ ẹ̀yìn sí òun.

Ó ní, "Àpá èékánná kún èjìká yín, ó kún ìbàdí yín. Àárín ẹ̀yìn yín, níbi tí ọwọ́ yín kò dé, kò ní nǹkan kan. Yíyún yìí lè má ti inú awọ wá o."

Ó ṣàlàyé pé tí òróòro kò bá ṣàn dáadáa kúrò nínú ẹ̀dọ̀, ara lè máa yún ènìyàn láìjẹ́ pé nǹkan sú. Bákan náà ni tí kíndìnrín bá ti ń kọṣẹ́. Ó dárúkọ ẹ̀yà ara kékeré kan pẹ̀lú, tó wà níwájú ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì. Bó ti ń ṣí ìwé mi, ó dúró.

"Ta ló kọ ojú ewé tó kẹ́yìn yìí?"

"Èmi ni, Dókítà. Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé."

Lẹ́tà ojú ewé àkọ́kọ́ gún régé. Ti ìkẹyìn ń gbọ̀n. Mo ti rò pé àárẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ooru ń mú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá mo rù. Mo fi ihò tuntun tí mo lu sí bẹ́líìtì mi hàn án.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín. Táírọ́ìdì ló ń ṣiṣẹ́ jù, òun ló ń mú kí ara yún mi, kí ọwọ́ mi sì máa gbọ̀n. Dókítà kọ oògùn oníhóró fún mi, ó sì kìlọ̀ pé tí ibà bá ṣe mí tàbí tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn mí, kí n má dúró rárá, kí n padà wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ lẹ́tà sí ilé pé kì í ṣe èkúrú, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni.

Télọ̀ ló ka lẹ́tà náà sókè. Ìyá onílé yọ ṣùtì.

"Ìwé tí wọ́n ń kọ́ ẹ ní kíláàsì ni o jókòó kọ yẹn. Mo ní ìparí oṣù."

Mo ń lo oògùn mi, mo sì ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé nínú bàsíà. Yíyún náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó dá fún mi, ìyá onílé gbé àpótí síwájú yàrá wa láàárọ̀, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti ṣòkòtò méjì. Mi ò họra rárá. Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì mi padà sí balùwẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ìlà pupa rẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi àti ìyá onílé kì í kí ara wa mọ́.