Bí Ìyá Mọ́nsúrù Ṣe Kúrò ní Ṣọ́ọ̀bù Alájì Ládòkun

Bí ẹ bá wọ Ìsẹ́yìn ní ọdún 1982, tí ẹ ní Àwáwù lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Àwáwù wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Mọ́nsúrù olówùú, ẹni tó bá wà nítòsí á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òwú ló ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Èmi Ìyá Àdìjátù, abọ́ táńganran ni mò ń tà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti tèmi.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Obìnrin náà kì í kánjú. Bí ahunṣọ bá dé tó ń pariwo pé òwú òun ti tán lórí òfì, Ìyá Mọ́nsúrù á kọ́kọ́ kí i, á kí ìyàwó rẹ̀, á kí ọmọ rẹ̀, á wá béèrè bóyá ó ti jẹun, kó tó nawọ́ sí òwú. Inú á máa bí mi láti ọ̀dọ̀ tèmi. Mo máa ń ké sí i pé, "Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ dá ọkùnrin yìí lóhùn kó máa lọ!" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Àdìjátù, ta ló tún ṣẹ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí?" Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé inú mi tètè ń bí, mi ò sẹ́.

Alájì Ràsáàkì Ládòkun ló ni ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, àti mẹ́rin mìíràn nínú ọ̀wọ́ yẹn. Ọdún márùn-ún ló fi yá Ìyá Mọ́nsúrù ní tirẹ̀, ogún náírà lóṣù, láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje ọdún 1979. Lọ́yà Ògúndèjì ló kọ ìwé àdéhùn fún gbogbo wa, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní bí ọdún mẹ́ta bá pé, ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù lè kúrò láì dúró de ọdún karùn-ún. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún onílé ní ìwé nótíìsì, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ọdún kẹta pé. Kò gbọdọ̀ jẹ owó ilé sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ tán, kó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, kó sì san owó oṣù mẹ́ta fún onílé, gbà-má-bínú ni wọ́n pè é. Ogún lọ́nà mẹ́ta, ọgọ́ta náírà, ó tán. Àmọ́ ẹni tó bá jáde láì tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, owó ilé á máa hù lé e lórí lóṣooṣù títí ọdún márùn-ún á fi pé, àfi bí ẹlòmíràn bá gba ṣọ́ọ̀bù náà kó tó dìgbà yẹn.

Kí ló ń lé Ìyá Mọ́nsúrù lọ? Kò sẹ́ni tó lé e. Ṣakí ni wọ́n ti bí i, ìdílé rẹ̀ sì fún un ní ilẹ̀ kékeré kan létí títì níbẹ̀. Ó ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tí Mọ́nsúrù ti wà ní pírámárì. Ògiri ti dúró, ilẹ̀kùn ti wọlé, páànù ló kù. Ó ti tu owó páànù jọ, ó ti pé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò sì ń rọ̀ sórí ògiri aláìlórùlé náà. Gbogbo ìgbà tó bá ti Ṣakí dé, ó máa ń sọ fún mi bí òjò ṣe ń jẹ ògiri náà sí i.

Mọ́nsúrù, tó ti di tíṣà nígbà náà, bá a kọ ìwé nótíìsì ṣáájú àkókò dáadáa. Ó kù kó gbé e fún Alájì. Mo ní, "Ẹ lọ gbé e fún un kẹ̀!" Ó ní rárá, oṣù tuntun lòun ń dúró dè. Ó ka oṣù náà fún mi lórí ìka: Rajab, Ṣaábánì, Ràmàdáánì. Oṣù mẹ́ta pé. Bí a bá ti kí yídì ìtúnu ààwẹ̀ tán, ọdún kẹta náà pé, òun á kẹ́rù. Èmi náà kà á, ó pé, n kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Nígbà tí oṣù Rajab lé, ó wọ aṣọ tó dáa, ó gbé ìwé náà lọ. Alájì gbà á, ó dúpẹ́, ó tún fún un ní obì.

Oṣù kan àti díẹ̀ kọjá kí Alájì tó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ mi.

Alájì ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, nótíìsì rẹ ò pé. Mo wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin ló yẹ kó ti dé ọwọ́ mi. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lo mú un wá."

"Ọjọ́ méjì ni, Alájì?"

"Ọjọ́ méjì ni. Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ, n ò dè ọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọdún méjì tó kù, wàá san án. Irinwó náírà ó lé ọgọ́rin."

Háà! Mo ju abọ́ tí mò ń nù sílẹ̀. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, Alájì ti kọjá. Ìyá Mọ́nsúrù jókòó sáàárín òwú rẹ̀. Ẹni tí kì í dákẹ́ pẹ̀lú oníbàárà, oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, kò kí i. Ó ní, "Owó páànù mi nìyẹn." Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi.

Mo ní a ò ní gbà. Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta, Alájì, Ìyá Mọ́nsúrù àti èmi, wà ní ọ́fíìsì Lọ́yà Ògúndèjì. Wọn ò pè mí o, èmi ni mo bá wọn lọ. Lọ́yà náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ka ìwé àdéhùn jáde, ó fi yé wa.

Ó kọ́kọ́ dojú kọ Alájì. "Ẹ̀yin náà, ìṣirò yín ò tọ̀nà. Bí nótíìsì yìí ò bá tilẹ̀ dúró, ẹ ò lè gba irinwó ó lé ọgọ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣooṣù ni. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá sì ti gba ṣọ́ọ̀bù, ti Ìyá Mọ́nsúrù dúró. Ẹ ò lè gba owó ilé kan lọ́wọ́ ènìyàn méjì."

Ara mi fẹ́ balẹ̀. Ó wá yíjú sí Ìyá Mọ́nsúrù. "Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó gbà á, ẹ óò san án títí. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀wọ́ yín ńkọ́, ó ti tó oṣù mélòó tó ti wà lófìfo?"

A mọ̀ pé ó ti ń lọ sí ọdún kan.

"Ní ti nótíìsì," ló ní, "bí ìwé bá pe oṣù láì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kàlẹ́ńdà ni òfin ń kà, àfi bí ìṣe àwọn tó ṣàdéhùn bá fi hàn pé nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn wọn. Ọjọ́ méjì ló fi pẹ́. Nótíìsì tó bá pẹ́, onílé ò ní dandan láti gbà á."

Alájì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Mọ́nsúrù tẹ orí ba. Orí mi gbóná.

Mo dìde. Mo ní, "Ìgbà wo ni Alájì mọ kàlẹ́ńdà? Ẹ bi í! Bí oṣù bá ti yọ lókè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, Alájì ti dé ẹnu ọ̀nà wa! 'Oṣù ti lé o, ogún náírà mi dà?' Mi ò tíì ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ti nawọ́! Oṣù tó ń lé lókè ni wọ́n fi ń gbowó wa láti ọjọ́ tí a ti wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ owó páànù obìnrin yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kàlẹ́ńdà!"

Alájì ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́yà ti yọ awò ojú rẹ̀, ó ń wo Alájì.

"Alájì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí bàbá mi ṣe ń gbowó ilé nìyẹn."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Oṣù kan ò yẹ̀ rí," Alájì wí, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀.

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù ojú ọ̀run kì í gùn tó ti kàlẹ́ńdà, ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá dín lọ́dún. Ọdún mẹ́ta kàlẹ́ńdà, oṣù mẹ́rìndínlógójì ni. Ẹni tó bá fi oṣù ojú ọ̀run gbowó láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni á gbà á.

"Nítorí náà, Alájì, ẹ mú ọ̀kan. Bí oṣù inú ìwé yìí bá jẹ́ ti ojú ọ̀run, bí ẹ ṣe ń gbowó, owó yín tọ́, nótíìsì ìyá yìí náà sì tọ́. Bó bá jẹ́ ti kàlẹ́ńdà, nótíìsì pẹ́, ẹ sì ti gba ogún náírà kún owó yín. N ò rò pé adájọ́ kan á gbà kẹ́ ẹ fi ti òkè gbowó, kẹ́ ẹ wá fi ti ìsàlẹ̀ ka nótíìsì."

"Ogún náírà péré?" ni Alájì wí. Mo rí i pé ó ti ń ṣírò rẹ̀, pé ó fẹ́ mú kàlẹ́ńdà.

Mo ní, "Tèmi ńkọ́? Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà níbẹ̀! Ogójì náírà tèmi nìyẹn. Màá délé, màá sọ fún gbogbo àwọn yòókù."

Alájì wò mí. Ó wo lọ́yà. Lọ́yà ní òun ò lè dí mi lẹ́nu. Alájì ń fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ gún ilẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa òun náà.

"Ti ojú ọ̀run ni," ló wí. "Ìyá Mọ́nsúrù, nótíìsì rẹ pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú obìnrin yìí jáde fún mi."

Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti fẹnu kò, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìyá Mọ́nsúrù dì mọ́ mi ní títì, ẹ̀rín ń pa á, omijé ń bọ́. Ó ní, "Inú fùfù rẹ yìí, Ọlọ́run á bá mi dá a sí!"

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje, yídì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó san ọgọ́ta náírà, kò jẹ kọ́bọ̀ kan. Ó ti gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní. Alájì wọlé wò ó, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbàdúrà fún un. A di àpò òwú tó kẹ́yìn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ó ń juwọ́ sí mi títí wọ́n fi kọjá orí òkè tó lọ sí ọ̀nà Ṣakí. Inú mi dùn jọjọ.

Mo padà jókòó sáàárín abọ́ mi. Oníbàárà kan dé, ó ń fa ọ̀rọ̀ gígùn, inú bí mi. Mo kọjú sí ògiri, mo fẹ́ ké sí Ìyá Mọ́nsúrù pé kó wá gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ìgbà náà ló yé mi. Ọdún méjì gbáko ni Alájì ì bá dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi bí mo bá dákẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹnu mi ló tú u sílẹ̀. Bí mo ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, ojú ọ̀sán gangan. Ẹ̀rù ba oníbàárà náà, ó ní kí n má bínú, òun á san iye tí mo pè é. Mo ní kó san èyí tó bá wù ú.