Fèrèsé Tí Ọ̀dà Funfun Dí

Bí wọ́n bá kó sùúrù gbogbo ará Ìsọlọ̀ jọ, ti Àrìnkẹ́ ò ní kún ìdérí ìgò. Ọmọ Ìkirè ni. Ilé iṣẹ́ aláṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ará òdìkejì ọ̀sà. Síbẹ̀, Bàbá Ògúnjìmí onílé rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀.

Látìgbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tíjọba san, ti tẹ bàbá yìí lọ́wọ́ ló ti fi ọ̀dà funfun kun ilé. Ilé náà funfun débi pé adìẹ ń fi ìyẹ́ bojú kí wọ́n tó kọjá. Ó wá ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi igi dáná mọ́, àfi èédú. Kí èéfín má sì baà kan ògiri, ó kan pákó mọ́ fèrèsé kíṣìnì.

"Bàbá, níbo latẹ́gùn á gbà?"

"Èédú ò léèéfín, Àrìnkẹ́. Kí lo fẹ́ fi fèrèsé ṣe?"

Láti ọjọ́ náà, bí Àrìnkẹ́ bá ti ń se ẹ̀wà, orí á máa fọ́ ọ. Bó bá bọ́ síta, á fúyẹ́. Bó bá wọlé, ó tún dé. Ìyá Adéyínká, ìyàwó onílé, ní ibà ni. Mùktárù tó ń gbé yàrá kejì ní oyún ni.

"Oyún inú orí?" Àrìnkẹ́ bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọmọ́wùmí àbúrò rẹ̀ ń ṣọ́ ẹ̀wà nígbà tí òjò dé. Òjò ń fẹ́ wọlé, ọmọ náà bá tilẹ̀kùn. Àrìnkẹ́ pè é títí, kò dáhùn.

"Oorun náà nìyẹn!"

Ó fìbínú ti ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ́wùmí ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú tó pọ́n rẹ́rẹ́, láìsí èéfín kankan. Àrìnkẹ́ wọ́ ọ lápá bọ́ sínú òjò, orí tirẹ̀ náà ń yí.

Ìyá Adéyínká gbé epo pupa dé. "Ẹ là á lẹ́nu!"

"Ẹ má dán an wò!" ni Àrìnkẹ́ kígbe. " Ẹni tí ò mọra, ẹ fẹ́ kí epo há a lọ́fun?"

Ọmọ́wùmí ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú. Mùktárù pe takisí, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú títí ó fi sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní èédú tó ń jó níbi tí a sé pa máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Kò ṣeé fojú rí, kò lóòórùn. Orí fífọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi kí èèyàn, lẹ́yìn náà òòyì àti èébì, kó tó gbéni lọ.

Nígbà tí wọ́n padà délé lọ́jọ́ kejì, Àrìnkẹ́ mú àdá, ó kọjú sí fèrèsé.

"Àrìnkẹ́, ọ̀dà mi!"

"Ẹ wọ kíṣìnì, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tan èédú, kí n tilẹ̀kùn. Bí ẹ bá jáde tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, mà á kan pákó yín padà."

Bàbá wo kíṣìnì. Ó wo Ọmọ́wùmí, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Bí Àrìnkẹ́ ti ń fi àdá yọ pákó, Bàbá di etí kejì rẹ̀ mú, ó ń fà á, ó sì ń kùn títí pákó fi já:

"Rọra o, má họ ọ̀dà."