Òkúta tó Já Bọ́ láti Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Sẹ̀ńtímítà

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Agbowó kì í jẹ́ kí n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn. Àṣà wọn nìyẹn. Wọ́n ti há ìbéèrè àtọdúnmọ́dún sórí, débi pé bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ọkọ̀ kan ń sáré lọ," ohùn kan á ti jáde láti ẹ̀yìn.

"B ni, sà."

"B ti kí ni?"

"B ti ọkọ̀ yẹn, sà."

Wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi á dúró kí ẹ̀rín náà tán, n óò sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà látìbẹ̀rẹ̀.

Físíìsì ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí wá kí mi. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ, ó sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní òkè pètẹ́ẹ̀sì kan, níbi tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé yunifásítì. Ó wo inú pálọ̀ mi, ó rí súùtánà funfun ìyàwó mi tó ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ní, "Bàbá, ẹ má jókòó sílé báyìí. Ẹ wá bá wa kọ́ àwọn ọmọ." Mo lọ. Kò wù mí, kò sì ṣàìwù mí. Bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri ni ọ̀rọ̀ mi rí nígbà náà. Èèyàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, kò kàn lè fi ara jẹ́rìí sí i ni.

Ohun tí mò ń kọ́ wọn kò pọ̀. Kí o tó fọwọ́ kan nọ́ńbà, wo yúníìtì tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ kan ń sáré kìlómítà méjìléláàádọ́rin ní wákàtí kan, awakọ̀ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì dúró láàárín sẹ́kọ́ńdì márùn-ún. Báwo ni eré rẹ̀ ṣe ń dín kù sí ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó bá ń kánjú á fi márùn-ún pín méjìléláàádọ́rin, á rí nọ́ńbà kan tó dín díẹ̀ ní mẹ́rìnlá ààbọ̀, á sì bá nọ́ńbà náà níbẹ̀ láàárín ìdáhùn mẹ́rin, tó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè mọ ibi tí oníkánjú á yà sí, wọ́n sì ti gbé àga síbẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n kìlómítà àti wákàtí ni wọ́n fún un, mítà àti sẹ́kọ́ńdì ni wọ́n ń béèrè. Ogún mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan ni eré yẹn. Fi márùn-ún pín ogún. Mẹ́rin ni.

Bákan náà ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú tààrà láti orí òkè tó ga ní ogún mítà, pẹ̀lú eré kìlómítà mẹ́rìndínlógójì ní wákàtí kan. Sẹ́kọ́ńdì méjì ni yóò fi balẹ̀. Oníkánjú á ní ibi tó balẹ̀ sí jìnnà sí ìdí òkè ní mítà méjìléláàádọ́rin. Rárá o. Mítà mẹ́wàá ni ó ń lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ogún mítà ni ó lọ.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Bàbá Yúníìtì. Wọ́n rò pé n ò gbọ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kì í dáhùn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí. Ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Pẹ́ńsù rẹ̀ kì í dúró bí mo bá ń kàwé; ó máa ń fi yí yúníìtì ká nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, róbótó róbótó, láì sọ̀rọ̀. Ará Èkìtì ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Ìbàdàn, Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Bàbá náà ti sọ fún un, ó sì ti sọ fún èmi náà, pé bí kò bá gba ogún nínú ọgbọ̀n ìbéèrè físíìsì tí ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ fi dán wọn wò, òun ò ní ra fọ́ọ̀mù kẹrin. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ àbúrò ìyá rẹ̀ ń bẹ ní Challenge. Ibẹ̀ ni ó ń lọ.

Oní-ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ṣe ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mọ́kàndínlógún ni ọmọbìnrin náà gbà.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ bá a wá. Ó wọ bùbá tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, ó sì kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Mo wá dúpẹ́ ni, Bàbá. Ẹ ti gbìyànjú lórí ẹ̀. Kò ní lè máa wá mọ́."

Mo ní kò burú. Bóyá ó yẹ kí nǹkan kan dùn mí. Mo béèrè ìwé ìdáhùn ọmọ náà, torí pé ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn bí ọmọ kan bá ń lọ: n óò wo ibi tó ti ṣubú, n óò sọ fún un, á sì máa lọ. Ó fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo èyí tí wọ́n fi pupa fà lára rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Gbogbo rẹ̀ ló kùnà lóòótọ́, àfi ọ̀kan.

*Òkúta kan já bọ́ láti ibi tó ga ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ̀ńtímítà. Sẹ́kọ́ńdì mélòó ni yóò fi dé ilẹ̀?* A jẹ́ ọ̀kan, B márùn-ún, C mẹ́wàá, D àádọ́ta. Ọmọ náà ti yí sẹ̀ńtímítà ká, ó sì mú A. Wọ́n fi pupa fà á.

Mo pe oní-ilé-ẹ̀kọ́ jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀.

"C ni, sà," ni ó wí, kó tó wo ìwé náà rárá.

"Kà á."

Ó kà á. Ẹnu rẹ̀ dẹ́kun ní ìdajì.

"Mítà ló wà nínú ìbéèrè àtijọ́," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ni ìyẹn."

"Mo yí i sí sẹ̀ńtímítà ni, sà. Mo fẹ́ fi mú àwọn tó kàn há a."

"O wá gbàgbé láti yí ìdáhùn."

Ó fọwọ́ nu ojú. "Bàbá, gbogbo àwọn tó kù ló mú C. Bí mo bá yí i, máàkì wọn á wálẹ̀, àwọn òbí sì ti rí i. Ìyá kan tiẹ̀ ti se ìrẹsì pín fún àdúgbò."

"Ṣé ìrẹsì náà mọ yúníìtì?"

Bàbá ọmọ náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì gbé sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò mọ físíìsì. Ogún ni mo sọ, mọ́kàndínlógún ni mo rí. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi àánú bu ọ̀kan kún un fún un. Wọ́n ti ṣàánú ẹ̀ tó."

Mo wo ọmọ náà. Ó ń wo ìta fèrèsé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo mú omi ọ̀rá kan lórí tábìlì, mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wa ní irin tí wọ́n fi dá a lábùú. Mo ti fi okùn wọ̀n ọ́n fún kíláàsì rí: láti orí irin náà dé orí kọnkéré ìsàlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó pé mítà márùn-ún, ìyẹn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ̀ńtímítà.

"Bàbá ọmọ wa," ni mo wí, "ìwé tó wà lọ́wọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ni èyí á fi délẹ̀. Ọmọ yín ní ọ̀kan ni. Ẹ máa kà bí aago ṣe ń kà, kí ẹ sì dúró níbi tó bá ti balẹ̀."

Mo na ọwọ́ síta, mo wò ó pé kò sẹ́ni nísàlẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ení," ni bàbá náà wí.

Pàá.

Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún èjì. Ìyá tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ yọ orí jáde.

"Ta ló ń da omi lé wa lórí?"

"Ẹ má bínú, ìyá," ni oní-ilé-ẹ̀kọ́ wí. "Físíìsì ni."

"Físíìsì ti ta sára aṣọ oníbàárà mi o."

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó di irin mú, ó ń wo ibi tí omi náà fọ́n ká sí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé o gbà á?"

"Mo mọ̀, Dádì."

"Àtàná?"

"Àtìgbà tí mo ti mú un."

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n ti fi pupa fà á, sà."

"Ìwọ náà wá gbà bẹ́ẹ̀?"

Ó gbé èjìká sókè díẹ̀. "Ó ti mọ́ mi lára."

Kò sunkún bó ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ ibi tó ń gbé ló ṣe sọ ọ́. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ni mo fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn láti ìgbà ìsìnkú, bí wọ́n bá bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Bàbá náà gbá ọwọ́ bùbá rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bi oní-ilé-ẹ̀kọ́ pé ìgbà wo ni títa fọ́ọ̀mù máa parí.

"Ọ̀la ló parí, sà."

"Níbo ni wọ́n ti ń rà á?"

"Ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan wà lódìkejì títì. Ẹ máa rí àwọn ọmọ tó tò síbẹ̀."

"Ó dáa." Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó dúró. "Lọ jókòó. N óò pè ọ́ bó bá kàn ọ́." Ó sọ̀ kalẹ̀. Láti òkè ni a ti rí i tó yẹ omi náà sílẹ̀, tó dúró de kẹ̀kẹ́ máàrúwá kan kó kọjá, tó sì la títì.

Oní-ilé-ẹ̀kọ́ wọ inú ọ́fíìsì, ó tẹ àtúnṣe ránṣẹ́ sáwọn òbí. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ̀bi mi ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀bi mi ni."

Èmi sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣa ọ̀rá omi náà kúrò nílẹ̀, kí ẹnì kan má baà yọ̀ ṣubú. Omi ṣì kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó tú sí mi lọ́wọ́, ó tutù, ara mi sì jẹ́rìí sí i. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" ni ìyá aránṣọ wí.

"Kò sí. Ó tutù ni."

Nígbà tí mo padà gòkè, ọmọbìnrin náà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, pẹ́ńsù rẹ̀ lọ́wọ́. Ìròyìn ti dé kíláàsì ṣáájú mi. Àwọn tó mú C ń wo ilẹ̀. Mo ṣí ìwé.

"Wọ́n ta bọ́ọ̀lù kan sókè," ni mo kà.

Kò sẹ́ni tó sọ pé B. Wọ́n jẹ́ kí n kà á tán.