Ìfọwọ́sí Ọ̀gá Ńlá

Onílé wa ní Padova ní sọ̀wédowó lòun máa gbà kí òun tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Mo kọ iye owó ní nọ́ńbà, mo tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, mo fa ìlà méjì sójú rẹ̀ kí báǹkì má baà kà á sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kàn gbé e wá. Ẹ̀rù ń bà mí, ni mo bá fọwọ́ sí i bí ọ̀gá ńlá, tìwo-tìrù.

Báǹkì dá a padà. Owó sì wà ńbẹ̀ o.

Ìyàwó mi bi mí pé, "Dádì, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fọwọ́ sí i nígbà tẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì?"

Rárá. Mo kàn kọ orúkọ mi gbàgàdà nígbà yẹn bí ọmọ iléèwé ni.

Mo kọ òmíràn, mo fọwọ́ ọmọ iléèwé sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, owó wọ àkáǹtì onílé. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò mi báyìí.