Ìdáhùn Kan Ṣoṣo Tó Bá Ti Bàbá Mu

Ní ẹ̀ka ìṣirò, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí òbí sọ ọ́ pè é. Ẹ̀rí-Dà ni gbogbo wọn ń pè é, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun ti rí ìdáhùn, "Ẹ̀rí dà?" Bí ẹni tó wá tún fáànù ṣe bá ní òun ti parí iṣẹ́, "Ẹ̀rí dà?" Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ẹ̀rí ló kọ́kọ́ béèrè, òun ṣì ń kó o fún un títí dòní.

Òwe kan wà tó máa ń bá jà nínú kíláàsì. "Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èmi ò mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀, kó wá kọ ọ́ sójú pátákó." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń máàkì ìdánwò ọdún ìkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ igbe àjẹ́, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò dì mú.

Òun ló kọ́ kíláàsì náà. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù lọ ní ẹ̀ka náà, tí ẹfun kì í tán lára ẹ̀wù rẹ̀, ló ṣe ìbéèrè àti ìwé ìdáhùn tí wọn yóò fi máàkì. Ìbéèrè kẹta dá lórí x⁴ − 2. Gbòǹgbò mẹ́rin, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ọ́ di òdo, ló ní: a, ia, −a àti −ia. Lẹ́tà a ni nọ́ńbà tó ju òdo lọ, tí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tí a sì sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra, 2 ni yóò jáde. Lẹ́tà i ni èyí tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, −1 ni a ó rí. Bí a bá kó àwọn gbòǹgbò yìí mọ́ odidi nọ́ńbà àti ìdá tí gbogbo wa mọ̀, tí a ní kí wọ́n máa ròpọ̀, kí wọ́n máa yọ, kí wọ́n máa di púpọ̀, kí wọ́n máa pín láàárín ara wọn, agbo ńlá kan ni yóò jáde. Àwọn agbo kéékèèké sì wà nínú rẹ̀.

Ìyídà mẹ́jọ péré ló lè pààrọ̀ ipò àwọn gbòǹgbò náà láìba ìṣirò kankan jẹ́. Méjì ló bí ìyókù. Èkínní, sígímà, ń sọ a di ia, kò sì fọwọ́ kan i. Èkejì, táù, kò fọwọ́ kan a, ṣùgbọ́n ó ń sọ i di −i. Adùn ọ̀rọ̀ náà wà níbi pé ẹgbẹ́ ìyídà kọ̀ọ̀kan ní agbo tirẹ̀ tí kò ní í yí padà, agbo kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń dá a sí. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń tóbi ni agbo ń kéré, bíi ti ẹbí tó ti pọ̀ jù: bí ẹnu bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tí wọ́n lè fẹnu kò lé lórí ṣe ń dín kù. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá, agbo mẹ́wàá. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó fi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún agbo tó ni ín, kó sì tò wọ́n sínú àtẹ.

Agbo méjì ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu: èyí tí (1+i)a bí, àti èyí tí (1−i)a bí. Àwọn méjèèjì kì í ṣe gbòǹgbò tó wà nílẹ̀, ńṣe lèèyàn ń wá wọn jáde. Ohun tí Ẹ̀rí-Dà kọ́ kíláàsì ni pé ìyídà tí wọ́n ń kọ ní sígímà-táù, tí méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn, ló ń dá (1+i)a sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ìwé ìdáhùn Bàbá, (1−i)a ló bá níwájú sígímà-táù.

"Ojú àgbà," ló wí lọ́kàn ara rẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù tún un ṣe, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ bó ṣe kọ́ wọn. Ó kù díẹ̀ kó parí ló kan ìwé kan tó ti kọ (1−i)a. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Àtẹ náà péye látòkè délẹ̀, àfi ibi méjì yẹn tó gba ipò ara wọn, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe gba ipò ara wọn nínú ìwé Bàbá. Èèyàn lè ṣàṣìṣe fúnra rẹ̀. Ṣé èèyàn lè ṣe àṣìṣe ẹlòmíràn, tí kò sì rí i rí?

Ó lọ wo ẹni tó ni nọ́ńbà ara ìwé náà. Ọmọ Ìyá Atẹ̀wé ni. Ìyá Atẹ̀wé, akọ̀wé ẹ̀ka, ló sì tẹ ìwé ìdáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, lílé ni wọn yóò lé ọmọ, ìyá á sì padà sílé láìníṣẹ́. Ẹ̀rí-Dà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀sùn náà, ó kọ ìdajì, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì gba ọ́fíìsì Ìyá Atẹ̀wé lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ jókòó. Àbí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ yẹ àga náà wò?"

Ẹ̀rí-Dà kò rẹ́rìn-ín. "Ìwé ìdáhùn Bàbá, níbo lẹ kó o sí lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tán?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí lọ́rùn mi. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan kan tí kò sí kọ́ ló máa ń gbé yín dé ibí."

"Ṣé ẹ máa ń gbé iṣẹ́ lọ sílé?"

"Ilé tí abọ́ àti aṣọ ti ń dúró dè mí? Kí ni mo fẹ́ gbé sígímà lọ ṣe níbẹ̀?"

Ẹ̀rí-Dà gbójú sókè. "Ẹ mọ sígímà?"

"Mo mọ bó ṣe rí. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ látìgbà tí ẹ̀yin kò tíì dé ẹ̀ka yìí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni n ò mọ̀." Ìyá Atẹ̀wé bọ́ dígí ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni, àbí?"

"N ò dárúkọ ọmọ kankan."

"Ẹ ò ní láti dárúkọ ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní nínú ọgbà yìí, kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo sì ní. Ẹnu yín ń béèrè kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà lójú yín."

Ẹ̀rí-Dà jáde. Bí obìnrin náà ṣe tètè mọ̀ yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí kò bá jẹ gbì kì í kú gbì, ló ń rò bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, títí tó fi rántí pé òwe náà kì í ṣe ẹ̀rí, ó kàn bá ohun tó wù ú láti gbọ́ mu ni.

Ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà sí kíláàsì tó ṣófo. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan rí nítorí àìsàn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún nílé.

"Gba ẹfun. Sígímà-táù, kí ló ń dá sí?"

"(1−i)a, mà."

"Àwọn yòókù ní (1+i)a."

"Mo gbọ́, mà. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà tí a jáde ìdánwò."

"O ò wá yí ọkàn padà?"

"Mo tún un ṣe nílé, mà. Ibì kan náà ló já sí."

"Nílé," ni Ẹ̀rí-Dà wí. "Ó dáa. Ṣe é níbí, kí n rí ọwọ́ ẹ."

Ọmọ náà kọjú sí pátákó. Ó kọ a. Ó fa ọfà, ó kọ ia, ó sì kọ "sígímà" sórí ọfà náà. Ó tún fa ọfà mìíràn láti ara ia, ó kọ "táù" sí i lórí, ó sì kọ −ia.

"Dúró. Kí ló dé tó o fi bẹ̀rẹ̀ láti ara sígímà?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ìdí tó fi ń fi ẹsẹ̀ rìn. "Òun ló ṣáájú, mà. Sígímà, lẹ́yìn náà táù."

"Láti ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Táù ló sún mọ́ a jù, táù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ṣé o ò sí ní kíláàsì mi ni?"

"Mo wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n Bàbá ló kọ́ àwa tẹ́lẹ̀, kí n tó ṣàìsàn. Bí Bàbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn."

Ẹ̀rí-Dà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ẹni tó bá jí àtẹ lè kọ́ ìtàn mọ́ ọn. "Ká ní táù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a dúró lórí a, sígímà á wá sọ ọ́ di ia. Lẹ́tà i á di −i. (1+i)a ló máa dá sí nìyẹn, mà, bíi ti àwọn yòókù."

"Agbo méjèèjì yẹn, èwo ló wà lábẹ́ wọn?"

Èyí kò sí nínú ìbéèrè, kò sì sí nínú ìwé Bàbá. Ọmọ náà tún gbé ẹfun sókè. Ó fi (1+i)a sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lójú pátákó, 2ia² ni ó rí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí (1−i)a, ó sì rí −2ia². "Gbòǹgbò 2 ni a², mà. Torí náà agbo i√2 ló wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó kó àwọn ìyídà méjèèjì mọ́ra ló ń dá a sí. Èyí ò yí padà, ẹni yòówù kó ṣáájú."

Ẹ̀rí-Dà wo pátákó náà látòkè délẹ̀. Ó wá ibi tí yóò ti gbá a mú, kò rí. "Máa lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dún le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Yàrá Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ni Ẹ̀rí-Dà gbà lọ. Bàbá ń gbọn ẹfun kúrò lápá ẹ̀wù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Tí ẹ bá kọ sígímà-táù, èwo ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́?"

"Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Ta ló ń kàwé láti ọ̀tún?"

"Èmi, sà. Gbogbo kíláàsì mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. "Èé ṣe tí o ò fi sọ fún mi?"

"Ẹ ò kọ ọ́ sára ìbéèrè, sà."

"Ìwọ náà kò béèrè. Ìwọ tó máa ń béèrè ohun gbogbo. O kàn rí i pé mo ti darúgbó."

Bí wọ́n bá fi ìwé Bàbá máàkì, gbogbo kíláàsì àfi ọmọ yẹn ni yóò kùnà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ti Ẹ̀rí-Dà máàkì, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kùnà, ọmọ tó ti fẹ́ kí wọ́n lé lọ. Lọ́jọ́ kejì ó ya ẹ̀sùn ìdajì náà, ó sì kọ ìwé mìíràn sí olórí ẹ̀ka: pé ọ̀nà méjèèjì tọ́, pé ìbéèrè náà kò sọ èyí tí wọn yóò gbà, pé òun olùkọ́ kíláàsì ló yẹ kó ti rí i kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn gba máàkì wọn pé, ọmọ Ìyá Atẹ̀wé pẹ̀lú.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà lọ fún Ìyá Atẹ̀wé pé kó tẹ̀ ẹ́, kí obìnrin náà lè kà á. Ìyá Atẹ̀wé kà á tán, ó sì dá a padà fún un láìtẹ̀ ẹ́.

"Mo dúpẹ́, Dókítà. Ṣùgbọ́n títí ọmọ mi á fi jáde níbí, ẹlòmíràn ni kó máa tẹ ohun tó bá kan ìdánwò. Bí òun nìkan bá tún gba ìbéèrè kan, ẹ ó tún wá."

"N ò ní í wá, mà."

"Ẹ ó wá. Bí wọ́n ṣe dá yín nìyẹn, n ò bínú. Kọ̀ǹpútà kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Ẹ̀rí-Dà jókòó sídìí rẹ̀. Ó fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi sígímà kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn Ìyá Atẹ̀wé, ẹ̀yìn náà kò yí, ó sì padà sídìí wíwá.