Ọwọ́ Ìyá Olúyọmí

Lọ́dún 1986, Olúyọmí ayafọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde gbé pátákó kan síta fún Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá: "Ya ìyá rẹ ní fọ́tò kí ikú tó mú un lọ." Kò sẹ́ni tó yà. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ kà á, ó bú sẹ́kún.

Ìyá Olúyọmí ní, "Yọmí, ṣé ikú lo wá ń tà ni?"

Ojú tì í, ó gbé pátákó náà wọlé. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá Ọlọ́run fẹ́ kéèyàn fi ìfẹ́ ìyá ṣòwò rárá. Ó wá wo ọwọ́ màmá rẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ bíbó ti mú kó la, tí màmá máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn nínú gbogbo fọ́tò.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ya ọwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, ó tán."

"Ọwọ́ játijàti yìí?" Màmá rẹ́rìn-ín, ó nà án.

Ó gbà á láyè kí ó gbé fọ́tò náà kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Olúyọmí kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọwọ́ yìí ló bó ẹ̀gẹ́ tí mo fi kàwé. Ẹ ṣé, Màmá."

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n na ọwọ́ tí wọ́n ti ń fi pamọ́ látọjọ́ yìí. Olúyọmí ṣí fìlà lórí, bí ẹni tó dé iwájú pẹpẹ.